Òwe ní ìbẹ̀rẹ̀ fídíò ìwúrí, kí ìtumọ̀ rẹ̀ parí kó tó pé ogún ìṣẹ́jú àáyá: báwo lẹ ṣe ń ṣe é?

Aránṣọ Mọ́kọ́lá

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo máa ń ṣe fídíò kéékèèké fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Òwe yìí ni mo fi bẹ̀rẹ̀ èyí tí mo gbé sí TikTok lọ́sẹ̀ tó kọjá: "Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." Lẹ́yìn náà mo ní, "Ìtumọ̀ òwe yìí ni pé bí o bá fẹ́ ṣàṣeyọrí, o gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ kára, o gbọ́dọ̀ ní sùúrù, o kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó sú ọ." Òwe àti ìtumọ̀ gba ìṣẹ́jú àáyá 31. Gẹ́lẹ́ bí mo ṣe dé "ìtumọ̀ òwe yìí ni pé" ni ìlà tó ń fi iye àwọn tó ṣì ń wò hàn já wálẹ̀. Mo fẹ́ kí méjèèjì parí kó tó pé 20. Kí ni kí n gé, kí ni kí n fi sílẹ̀?

Ìyá Ìbejì Alámàlà

Ọmọ mi, òwe ogún nínú fídíò kan ti pọ̀ jù. Ta ló máa rántí wọn? Èmi máa ń fi òwe kan ṣoṣo sórí WhatsApp láàárọ̀ kí n tó ro àmàlà. "Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́" ni mo fi sí i lánàá, àwọn oníbàárà mi sì ń dáhùn. Mú ẹyọ kan, kó o dúró lórí ẹ̀.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣé mà. Òwe kan ṣoṣo náà ni mà, àkókò ni mo fẹ́ kó má ju ogún ìṣẹ́jú àáyá lọ.

Dárà Ìkòròdú

Bọ̀dá Aránṣọ, ẹ gbé ìtumọ̀ síwájú. Ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ ní èdè tó yé gbogbo èèyàn, kẹ́ ẹ wá fi òwe dé e lórí. Àwọn ọmọ ìwòyí kì í dúró gbọ́ òwe. Bí wọ́n bá ti gbọ́ "Ẹni tí yóò", wọ́n ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àgbà ló ń bọ̀, ìka wọn ti fà á sókè nìyẹn.

Olùkọ́ Ṣàgámù

Aránṣọ, mo ti wo fídíò rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohùn rẹ dùn, o sì pa òwe náà pé. Kì í ṣe gígùn ló kọ́kọ́ bà á jẹ́. Ìtumọ̀ tó o fún òwe náà kì í ṣe tirẹ̀. "Ṣiṣẹ́ kára, ní sùúrù", o lè fi ìyẹn tì sẹ́yìn igba òwe, yóò sì bá gbogbo wọn lọ. Ẹni tó ń wò ti gbọ́ ọ rí lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn, ìdí nìyẹn tó fi bá tirẹ̀ lọ.

Wo òwe yẹn dáadáa, kó o wá ibi tí ẹrù rẹ̀ wà. Kò sí lórí oyin, kò sí lórí àpáta. Orí "ẹnu àáké" ló wà. Àáké jẹ́ ohun ìní. Alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́, owó la fi rà á, igi ni wọ́n sì rọ ọ́ fún. Ẹni tó bá fi í lu òkúta ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ẹnu rẹ̀ á kújú. "Kì í wo" tó wà níbẹ̀ kì í ṣe pé ojú rẹ̀ kò rí i o. Kì í ṣàánú rẹ̀ ni. Òwe náà ń sọ pé ohun kan wà lọ́wọ́ rẹ tó o fẹ́ràn, tó máa bàjẹ́ kí oyin tó jáde, kó o sì ti gbà bẹ́ẹ̀ kó o tó gbé àáké sókè. Bó o bá sọ èyí, ẹni tó ń gbọ́ ọ á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tí òun náà ń ṣàánú.

Nígbà tí mo wà nídìí ètò òwe lórí rédíò, ohun tí mo máa ń ṣe kí n tó kọ ìlà kankan ni pé mo máa ń bi ara mi pé: bí mo bá yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò nínú òwe yìí, èwo ni yóò wó gbogbo rẹ̀? Yọ "inú àpáta" kúrò, òwe náà ṣì lè dúró díẹ̀. Yọ "ẹnu àáké" kúrò, kò sí òwe mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ni kó o tú. Àwọn yòókù, aworan inú òwe ni, fi wọ́n hàn, má ṣàlàyé wọn.

Ní ti àkókò, pípa òwe yìí láìsáré ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún ìdákẹ́jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ku mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yẹn, bí o kò bá fẹ́ kó dà bí ẹni tí wọ́n ń lé, nǹkan bí ogójì ọ̀rọ̀ lo ní. Gbólóhùn "ìtumọ̀ òwe yìí ni pé" ti jẹ ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ nínú rẹ̀, ó sì ń dún bíi kíláàsì. Gé e pátápátá. Wo bí èmi ì bá ṣe sọ ọ́:

"Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké." (Dákẹ́.) "Oyin wà nínú òkúta. Àáké kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ. Bó o bá fi lù ú, ẹnu rẹ̀ á kújú. Bó o bá ń ṣàánú rẹ̀, oyin á wà níbẹ̀. Ìwọ tó ń kọ́ṣẹ́, kí ni àáké tìrẹ?"

Ọ̀rọ̀ 39 ló tẹ̀ lé òwe. Mo kà á pẹ̀lú aago fóònù mi, ó gbà mí ní ìṣẹ́jú àáyá 18. Kò sí "àṣeyọrí" níbẹ̀, kò sí "sùúrù". Bó o bá ní ìtàn kan tó o fẹ́ sọ, ẹ̀yìn ogún yẹn ni kó wà.

Dárà Ìkòròdú

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Àmọ́ ẹ ò tíì dáhùn tèmi. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin tẹ́ ẹ fún òwe yẹn, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń lọ.

Olùkọ́ Ṣàgámù

Dárà, òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n bó o bá sọ ìtumọ̀ tán kó o tó pa òwe, iṣẹ́ wo ló kù fún òwe láti ṣe? Ohun tí ẹni yẹn fẹ́ mọ̀ ló ti mọ̀ yẹn. Ohun tó ń dá èèyàn dúró nínú òwe ni pé etí ti gbọ́ ọ, inú kò tíì mọ̀ ọ́n. Má gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn wà, àwọn bàbá wa ló ń lò ó: pa òwe náà ní ààbọ̀. "Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta…" kó o dúró níbẹ̀ díẹ̀, kó o gbé ojú sókè sí kámẹ́rà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á ti parí rẹ̀ nínú ara rẹ̀ kó o tó là ẹnu. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á fẹ́ gbọ́ bó ṣe parí. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Ṣùgbọ́n Aránṣọ ń bá ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sọ̀rọ̀, kó rí i dájú pé òun parí òwe náà. Bó bá fi í sílẹ̀ ní ààbọ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò ní mọ̀ pé òwe ni.

Màmá Tèmi, Peckham

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Mo ṣe irú fídíò yìí fún àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí, òwe yìí gan-an ni mo lò. Mo wá àwòrán oyin tó ń fò, mo fi sí i nígbà tí mo ń pa òwe náà. Nígbà tó parí, mo bi ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, pé kí ló gbọ́. Ó ní ẹnì kan fẹ́ jẹ kòkòrò, àwọn kòkòrò náà sì ta á, ó fara dà á. Oyin tó ń fò àti oyin tí à ń lá, ọ̀rọ̀ kan náà ni fún wa, èyí tó sì rí lójú fídíò ló gbà gbọ́. Gbogbo òwe yẹn di ọ̀rọ̀ ìfaradà oró lọ́wọ́ ẹ̀. Kò tiẹ̀ bi mí ní àáké. Nígbà tí mo bi í, ó ní òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ àáké.

Mo yọ àwòrán oyin kúrò, mo fi àáké nìkan sí i, látìgbà tí mo ti ń pa òwe títí dé òpin. Ìgbà yẹn ló tó yé e.

Olùkọ́ Ṣàgámù

Màmá Tèmi, ẹ ṣeun gan-an ni. Mi ò ronú kan oyin tó ń fò yẹn rárá, torí pé etí tèmi kò lè gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Aránṣọ, àwòrán tó bá wà lójú fídíò, ti ọ̀rọ̀ tó ru òwe ni kó jẹ́. Bí o kò bá rí àáké yá, lo ọwọ́ rẹ. Gbé e sókè bí ẹni tó fẹ́ lagi, kó o dá a dúró lókè níbi tó o ti dákẹ́.

Ìdí nìyẹn tí àwọn òwe kan fi rọrùn ju àwọn mìíràn lọ fún irú iṣẹ́ yìí. "Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà": na ìka márùn-ún, kó wọn jọ, fi lu àyà. O ti tú òwe náà láìtíì sọ gbólóhùn kan. Ti àpáta yìí ṣòro jù ú lọ, nítorí pé ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀ kì í hàn lójú ẹsẹ̀.

Akọ̀wé Ojú Fídíò

Nípa ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sójú fídíò yẹn: Bọ̀dá Aránṣọ, ẹ tún un wò. Òwe náà jáde níbẹ̀, àmọ́ àmì ohùn ti kúrò lórí ẹ́ àti ọ̀, ó lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn bí eṣinṣin. Níbòmíràn, àpótí òfìfo ló wà níbi tó yẹ kí lẹ́tà wà. Kì í ṣe àṣìṣe yín. Lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ tó tún ní àmì ohùn lókè, ege méjì ni ẹ̀rọ máa ń tò jọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn oríṣi lẹ́tà olójú ẹ̀ṣọ́ tó wà nínú àwọn ohun èlò fídíò kò mọ bí a ṣe ń tò ó. Ẹ lo Noto Sans, ó ń tò ó dáadáa. Kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ tẹ `ẹ́ ẹ̀ ọ́ ọ̀ ṣ` kẹ́ ẹ wò ó bóyá gbogbo rẹ̀ dúró sáyè wọn.

Ohun kejì, ẹ má kọ gbogbo òwe náà sójú fídíò. Ojú máa ń sáré ju ẹnu lọ. Ẹ kò tíì dé "àpáta" tí ẹni tó ń kàwé ti parí rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ tí Bàbá ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ ti di asán fún un. "Ẹnu àáké" nìkan ni kẹ́ ẹ kọ, nígbà tẹ́ ẹ bá dé ibẹ̀, ní àárín ojú fídíò. Ìsàlẹ̀ ni orúkọ yín àti àlàyé máa ń bò.

Ìyá Ìbejì Alámàlà

Ó ti yé mi báyìí, ẹ má bínú. Mo ka ọ̀rọ̀ Olùkọ́ fún bàbá àwọn ọmọ mi, torí pé òun ló ń lagi fún wa nídìí àmàlà. Ó ní òótọ́ ni, bí àáké bá kan òkúta lẹ́ẹ̀kan péré, èèyàn á mọ̀ lọ́wọ́, nítorí pé ìgbà tó o bá tún fi lagi, kò ní wọlé mọ́, ṣe lá máa ta dànù. Ẹnu rẹ̀ tiẹ̀ lè fọ́. Àmọ́ ó ní ohun kan wà tí ẹ kò sọ: ẹnu àáké ṣeé pọ́n. Ó máa ń jókòó pọ́n tirẹ̀ lálẹ́ Sátidé. Ó ní ẹni tó mọ̀ pé òun lè pọ́n ọn kò ní ṣàánú rẹ̀ jù. Ṣé kò yẹ kí ọmọ yìí fi ìyẹn sí i?

Olùkọ́ Ṣàgámù

Ẹ bá mi kí bàbá wọn gan-an. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń di àáké mú nìyẹn, èmi tó ń ti inú ìwé wò ó kò rí i. Ṣùgbọ́n nínú ogún ìṣẹ́jú àáyá yìí, mi ò ní fi í síbẹ̀. Bó o bá sọ pé ẹnu àáké ṣeé pọ́n kí ẹni tó ń gbọ́ tó mọ ẹ̀dùn ohun tó máa pàdánù, òwe náà ti di ẹ̀rọ̀ kó tó dé ara. Fi sí ìdá kejì fídíò náà. Ibẹ̀ ló ti máa dùn jù.

Bàbá Àgbà Ọ̀yọ́

Mo ti ka gbogbo yín. Kò sí ẹnì kan tó sọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ ọdún mélòó ni Aránṣọ? Bí ọmọdé bá pa òwe níbi tí àgbà wà, a máa ní "tótó, ó ṣe bí òwe o." Àgbà á sì dá a lóhùn pé "wàá rí òmíràn pa." Àwọn ọmọ yìí ń pa òwe lójú gbogbo ayé, wọn ò tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àgbà wà lára àwọn tó ń wò wọ́n. Èmi wà níbẹ̀.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá

Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí.

Dárà Ìkòròdú

Bàbá, àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ló ń bá sọ̀rọ̀. Bó bá fi tótó bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá méjì ti lọ.

Olùkọ́ Ṣàgámù

Èmi kò lè dá Bàbá Àgbà lẹ́bi. Ní rédíò, ọmọ ọdún ogójì ni mí nígbà yẹn, mo sì máa ń sọ ọ́, torí pé mi ò mọ ẹni tó jókòó sídìí rédíò nílé. Ṣùgbọ́n ìwúrí gbọ́dọ̀ tètè wọlé. Bóyá kí tótó yẹn wá lẹ́yìn òwe, nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, kó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Mi ò tíì dán an wò.

Bàbá Àgbà Ọ̀yọ́

Ẹ̀yìn òwe gan-an náà ni àyè rẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kó fi bẹ̀rẹ̀.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá (ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti tún un ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo gbà á sílẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ 22, mo wá ń sáré kó lè dín kù. Ìgbà tí mo sáré ni mo gbé "kì í" mì. Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi gbọ́ ọ, ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ ní kó máa wo ẹnu àáké ni?" Òwe ti yí padà pátápátá lọ́wọ́ mi. Kàkà kí n sáré, mo gé "Ìwọ tó ń kọ́ṣẹ́" kúrò, mo kàn bi wọ́n pé "Kí ni àáké tìrẹ?", mo sì fa "kì í" sọ dáadáa. Ó di 17 àti díẹ̀. Mo gbé scissors ìránṣọ mi dání dípò àáké ní ìparí, torí pé òun ni ti iṣẹ́ wa.

Kí n tó gbé e jáde, mo fi han àwọn ọmọ mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀bù láìsọ nǹkan kan, mo ní kí wọ́n sọ àáké tiwọn. Ọ̀kan ní oorun àárọ̀ òun ni. Èkejì ronú pẹ́, ó ní owó tí òun ń tọ́jú fún fóònù ni, tó yẹ kí òun fi ra ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ̀kẹta ní, "Ó túmọ̀ sí ká ṣiṣẹ́ kára." Ẹ̀kẹta yẹn ṣì ń dùn mí.

Ìlà náà kò já mọ́ níbi ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń wálẹ̀ díẹ̀ ní ibi tí mo ti dákẹ́.

Dárà Ìkòròdú

Mo sọ ọ́! Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ń lé wọn. Ẹ fi ìlù kékeré sí i.

Olùkọ́ Ṣàgámù

Má fi ìlù dí i o, òwe ò ní rí ibi mí. Mo wò ó: nígbà tó o dákẹ́, ara rẹ náà dúró gan-an, bí fóònù tó há. Gbé ọwọ́ sókè níbẹ̀ bí mo ṣe sọ, kí ojú lè rí ohun tó ń lọ. Ní ti ọmọ kẹta, má jẹ́ kó dùn ọ́ jù, ó ti gbọ́ "ṣiṣẹ́ kára" lórí òwe tó pọ̀ kó tó gbọ́ tìrẹ. Bi í ní ọ̀nà mìíràn: kí ni kò ní fẹ́ kó bàjẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí?

Akọ̀wé Ojú Fídíò

Àmì ohùn ti dúró dáadáa báyìí. Ọ̀rọ̀ "scissors" tẹ́ ẹ kọ lókè yìí ni mo rí. Àlùmọ́gàjí ni tiwa o, ẹ fi bẹ́ẹ̀ kọ ọ́ nínú àlàyé.

Aránṣọ Mọ́kọ́lá

Ẹ ṣeun, àlùmọ́gàjí ni. Mo máa gbé e sókè níbi ìdákẹ́jẹ́ yẹn, màá sì sọ "tótó, ó ṣe bí òwe o" níbẹ̀, kí n wò ó bóyá méjèèjì á gba àyè kan náà. Lọ́jọ́ Ẹtì ni màá gbé e jáde. Bàbá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wò ó kẹ́ ẹ sọ bó bá tọ́.

Bàbá Àgbà Ọ̀yọ́

Màá wò ó. Wàá rí òmíràn pa.